Àtàǹpàkò lórí ẹsẹ̀ ọmọ

Ìbéèrè ìyá kan: “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin mi ti pé oṣù 16. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì ń sanra sí i, àmọ́ ó ti tó ọ̀sẹ̀ 3 tí kò ṣeré mọ́. Irun rẹ̀ ń pọ́n, kò sì fẹ́ jẹun. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń hù. Aládùúgbò wa kan ní kí n lọ wò ó bóyá àìjẹunrekánú ni. Ṣé ọmọ tó sanra lè ní irú rẹ̀?”

Ìdáhùn dókítà lórí rédíò:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá tó ń gbọ́ wa. Ìyá ọmọ, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ gbé ọmọ náà jókòó sórí itan yín báyìí, kí ẹ sì bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò yín méjèèjì tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, níbi tí okùn bàtà máa ń gbà kọjá. Ẹ má fọwọ́ rá a, ẹ má sì yára gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọin, kí ẹ rọra kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé àtàǹpàkò kúrò, kí ẹ wo ibẹ̀ dáadáa.

Bí ara bá ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí ojú ìka yín bá ṣì wà níbẹ̀, tó jìn wọnú bí ojú ìka ṣe máa ń hàn lára òkèlè iyán, tó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ má dúró gbọ́ ètò yìí tán. Ẹ pọn ọmọ yín, kí ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Omi ló kún ara ọmọ náà, kì í ṣe ọ̀rá, kì í ṣe ẹran ara.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ tó dà bí ẹni sanra lè ní àìjẹunrekánú, èyí tó sì le jù nínú rẹ̀ ni. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni ti ọmọ tó rù. Egungun ìhà rẹ̀ á hàn, ojú rẹ̀ á dà bíi ti arúgbó, awọ ìdí rẹ̀ á rọ̀ wẹ̀lẹ̀ bíi ṣòkòtò tó tóbi jù. Kò sẹ́ni tó máa rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀. Èkejì ni àwa dókítà ń pè ní kuwaṣíókọ̀. Ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wú, lẹ́yìn náà ojúgun, lẹ́yìn náà ọwọ́ àti ojú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kún rọ̀bọ̀tọ̀, aládùúgbò á sì máa kí ìyá pé ó kú ìtọ́jú ọmọ.

Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń sọ fún wa. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Gánà lónìí, ló mú un wọ inú ìwé àwọn oníṣègùn ní 1935. Ọwọ́ àwọn ẹ̀yà Gá tó wà ní agbègbè Àkrà ló ti gbà á. Àìsàn tó ń mú ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò bá dé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá yẹn ti rí i tipẹ́ kí dókítà tó rí i: ìyá lóyún, wọ́n gba ọmọ lẹ́nu ọmú lójijì, ọmọ bọ́ sórí oúnjẹ tí kò ní láárí, kò pẹ́ kò jìnnà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wú. Láàárín àwa Yorùbá náà, àwọn àgbà kan gbà pé ọmú aboyún ń ṣe ọmọ níbi. Kì í ṣe ọmọ níbi. Bí ẹ bá ti lóyún, ìyá ọmọ, tí ẹ sì torí ẹ̀ gba ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tí ẹ bá bá, torí ó wà lára ohun tí yóò fẹ́ mọ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi kọ́kọ́ ní kí ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà, ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ìyá kan gbé ọmọ ọlọ́dún méjì wá. Ó ní ọmọ náà ń wúkọ́, kò sì jẹun. Ọmọ náà wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, kílò rẹ̀ kò burú rárá fún ọjọ́ orí rẹ̀. Mo kọ oògùn ikọ́ fún un, mo ní kí wọ́n máa lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló dá ìyá náà dúró. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, ó sì pè mí pé, “Dókítà, ẹ wá wo èyí.” Ojú rọ́bà ìbọ̀sẹ̀ yẹn ti lọ wọnú ojúgun ọmọ yí po bí ìgbà tí wọ́n fi okùn dì í. Nọ́ọ̀sì tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀, ihò àtàǹpàkò rẹ̀ dúró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ kejì. Òṣùwọ̀n kò parọ́ fún mi. Omi wúwo, mo sì ń ka omi mọ́ ọmọ. Wọ́ọ̀dù ni a gbé ọmọ yẹn lọ lọ́jọ́ náà, ó sì yè é. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì wo ọmọ kankan láìbọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ eyín. Ìyá ọkọ yín kò sọ̀rọ̀ láìnídìí, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Láàárín nǹkan bí oṣù 6 sí ọdún 2 àbọ̀ ni eyín ń yọ. Àkókò kan náà ni ọmú nìkan kò tó ọmọ mọ́, òun kan náà ni ọmọ ń rákò tó ń kó ohun gbogbo sẹ́nu, tí ìgbẹ́ gbuuru sì ń ṣe é léraléra. Nítorí pé wọ́n jọ dé pọ̀, eyín ni a máa ń rí dá lẹ́bi. Eyín lè mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu ọmọ, kí èrìgì máa ro ó, kí ó sì kanra fún ọjọ́ mélòó kan. Kò lè mú kí ẹsẹ̀ wú. Kò lè pọ́n irun. Kò sì lè gba eré lọ́wọ́ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, eré tó dẹ́kun yìí ló kọ́kọ́ kàn mí lára. Bí oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ kò bá tó, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ìwọ̀nba tó ní ná. Ọkàn gbọ́dọ̀ máa lù, ọpọlọ gbọ́dọ̀ máa jẹun, nítorí náà eré ni ara máa kọ́kọ́ gé kúrò. Ọmọ tó máa ń rákò tẹ̀lé yín lọ sí ilé ìdáná á wá máa jókòó síbi tí ẹ bá gbé e sí. Ẹ ju bọ́ọ̀lù sí i, á wò ó, kò ní na ọwọ́. Ẹlòmíràn á máa sunkún tín-ín-rín bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á dákẹ́. Àwọn ìyá máa ń sọ fún mi pé ọmọ náà ti gbọ́n, kò yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Bí ọmọ oṣù 16 kò bá da ilé rú mọ́, ẹ wo oúnjẹ rẹ̀.

Ti irun, ẹ má fi òun nìkan dájọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí irun wọn pọ́n láti ilé ọlọ́mọ wọn, oòrùn náà sì máa ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Èyí tí mò ń wò ni irun tó dúdú tẹ́lẹ̀ tó wá ń pàwọ̀dà, tó ń rọ̀, tó ń fọ́nká, tí ẹ bá sì rọra fa ìwọ̀nba rẹ̀, á bọ́ sí yín lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó dun ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí irun bá dé ibẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀.

Àmì wo ló wá kọ́kọ́ ń yọjú? Orí káàdì ọmọ ló wà. Káàdì yìí, ilẹ̀ Yorùbá níbí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1956 sí 1961, dókítà kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ń lọ tọ́jú àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ló ti ṣe káàdì kan tí wọ́n ya ọ̀nà ìdàgbàsókè ọmọ sí, tí ìyá ń tọ́jú fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi àmì kílò ọmọ sí lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló lò ó lẹ́yìn náà. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe ibi tí àmì wà ló ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe ibi tí ìlà tó so àwọn àmì náà pọ̀ dojú kọ. Ìlà tó ń gòkè dára, ì báà jẹ́ pé ọmọ kékeré ni. Bí ìlà bá sùn gbalaja fún oṣù méjì, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, kódà kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ṣì kún.

Ẹ jẹ́ kí n ka káàdì ọmọbìnrin kan tí mo tọ́jú fún yín. Kílò 3.1 ni wọ́n bí i. Ní oṣù 6 ó ti di kílò 7.2, ó dára gan-an. Ní oṣù 8 ó di 7.6. Ní oṣù 9, nígbà tí wọ́n gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ ìgbóná eéyi, 7.6 náà ló ṣì wà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àmì kankan mọ́ lórí káàdì. Ìgbà tó pé ọdún kan, ibà gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kílò 7.5 ló jẹ́.

Kílò 7.5 fún ọmọbìnrin ọlọ́dún kan ṣì wà nínú ọ̀nà tí wọ́n yà sórí káàdì. Ẹni tí kò bá wò ju àmì ọjọ́ yẹn nìkan lọ á ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù 8 sí oṣù 12, ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi nǹkan bíi kílò kan kún tirẹ̀. Òun kò fi nǹkan kan kún un, ó tilẹ̀ ti pàdánù díẹ̀. Ẹ sì wo ibi tí àmì ti dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé torí abẹ́rẹ́ àjẹsára ni à ń lọ wọn ọmọ. Bí wọ́n bá ti gba ti oṣù 9 tán, wọ́n á gbé káàdì sínú àpótí títí di oṣù 15 tí ìkejì abẹ́rẹ́ ìgbóná eéyi tó kàn. Àárín oṣù mẹ́fà yẹn gan-an ni ewu wà, òun ni kò sì sí ẹni tó ń wọn ọmọ. Tí mo bá ní àṣẹ, nọ́ọ̀sì kò ní jẹ́ kí ìyá kan kúrò níbi abẹ́rẹ́ oṣù 9 láìdá ọjọ́ ìwọ̀n tó kàn fún un.

Mo wọn apá ọmọbìnrin náà. Èyí, ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé fún ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 5. Apá òsì ni. Ẹ ká igbọ̀nwọ́ ọmọ, ẹ wá ṣóńṣó egungun èjìká àti ṣóńṣó igbọ̀nwọ́, kí ẹ fi okùn mú àárín gbùngbùn wọn, kí ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí apá náà sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀, kí ẹ fi téèpù yí i po níbi àmì yẹn. Kí téèpù kàn án lára, kó má fún un, kí àlàfo má sì wà láàárín wọn. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 12.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá náà dára. Bí ó bá wà láàárín 11.5 sí 12.5, ọmọ náà ti ń jìyà oúnjẹ, ó yẹ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá tó 11.5, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà. Téèpù tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè lò ó. Ti ọmọbìnrin yìí jẹ́ 12.0, àwọ̀ ìyeyè. Ẹ rántí o, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti wú, apá tó dára kò gba ọmọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ wíwú nìkan ti tó láti kà á mọ́ èyí tó le.

Mo bi ìyá ọmọbìnrin náà pé kí ni ọmọ jẹ lánàá. Ó ti padà sí ìsọ̀ tòmátò láti ìgbà tí ọmọ ti pé oṣù 8, ìyá àgbà ló ń bá a tọ́jú ọmọ. Láàárọ̀, ògì olómi pẹ̀lú ṣúgà. Lọ́sàn-án, àmàlà díẹ̀ tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ rẹ̀. Lálẹ́, ògì náà. Nínú oṣù mẹ́rin, ó ti ṣu gbuuru lẹ́ẹ̀mejì. Ẹja inú ọbẹ̀ jẹ́ ti bàbá, ẹyin kò sì wọ ẹnu ọmọ torí wọ́n ní ọmọ tó ń jẹ ẹyin á di olè. Ọmọ yẹn kò fìgbà kankan sùn pẹ̀lú ebi. Ikùn rẹ̀ ń yó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, èyí ló mú kí ìyá rẹ̀ má fura.

Ikùn ọmọ ọdún kan kò gbà ju nǹkan bí ife kékeré kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi ògì tó ṣàn bí omi kún ife yẹn, omi lẹ fi kún un. Ohun tí a sọ fún ìyá àgbà kò ju nǹkan mẹ́ta lọ. Kí ògì ki débi pé tí ẹ bá bù ú sórí ṣíbí tí ẹ sì dojú ṣíbí kọ ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní ṣàn dànù. Kí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí ẹja ṣáwá gbígbẹ lílọ̀ sè é, kí wọ́n kán ṣíbí tíì kan epo pupa sí i. Kí ó jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ dípò ẹ̀mẹta, kí ìkan nínú rẹ̀ jẹ́ mọ́ínmọ́ín tàbí ẹyin, ọmú kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Ìyá àgbà kọ́kọ́ lọ́ra nípa ẹyin, ṣùgbọ́n ó gbà. À ń wọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, ó di kílò 8.3, apá rẹ̀ sì di 12.7. Ìyá àgbà ní òun ti ń lé e kiri àgbàlá.

Ọmọ yìí ni ẹni tí a rí mú nígbà tí oúnjẹ ilé ṣì lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Tiyín lè má rí bẹ́ẹ̀, ìyá ọmọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jìn lábẹ́ àtàǹpàkò yín, ẹ má fi ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nípa oúnjẹ tọ́jú rẹ̀ nílé. Mo mọ̀ pé ohun tó máa wá sọ́kàn yín ni kí ẹ ra ẹyin àti mílíìkì, kí ẹ máa rọ́ ọ sí i lẹ́nu. Ọkàn rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ àti ìfun rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, oúnjẹ alágbára tó bá wọlé lójijì lè pa á. Ní wọ́ọ̀dù, mílíìkì pàtàkì kan tí kò lágbára jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru. Ẹ má ra oògùn tó ń mú ni tọ̀ fún un torí pé ara rẹ̀ wú. Ẹ má sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ń bọ̀ lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹun tó sì ń wúwo sí i.

Fún ọmọ tó ṣì ń jẹun dáadáa, tí ibà kò mú un, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì wú púpọ̀, wọ́n lè fún yín ní ẹ̀pà lílọ̀ inú ọ̀rá, èyí tí wọ́n fi mílíìkì, epo, ṣúgà àti fítámì pò, kí ó máa lá a nílé, kí ẹ sì máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi sí i lẹ́nu níwájú wọn láti wò ó bóyá á jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní ọmọ yín kò fẹ́ jẹun, ojú rẹ̀ náà sì ti ń kún. Ẹ di aṣọ dání, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá yín dúró.

Wọ́n tún lè yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Àìsàn kíndìnrín náà máa ń mú ara ọmọ wú, àmọ́ ìpéǹpéjú ni ó sábà ń kọ́kọ́ wú láàárọ̀ bí ọmọ bá jí. Bí ó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, ìyẹn lè jẹ́ ọgbẹ́ tàbí eéwo.

Lójú ọ̀nà, ẹ fi aṣọ wé e dáadáa, kí ẹ wé orí rẹ̀ náà, torí òtútù tètè ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kódà nínú oòrùn. Bí ó bá ṣì ń mu ọmú, ẹ máa fún un. Bí kò bá sí ọmú, ẹ po ṣíbí tíì kan ṣúgà mọ́ ṣíbí ìjẹun mẹ́ta àbọ̀ omi tó mọ́, kí ẹ máa fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá lajú tó sì lè gbé e mì.

Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n wọn apá rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹni tí ẹ bá níbẹ̀ bá kàn gbé e sórí òṣùwọ̀n, tó ní kílò rẹ̀ dára, pé kí ẹ máa lọ sílé, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ fúnra yín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀, kí ẹ jọ ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta.